Ìwé Ààwẹ̀ Mọ́kànlélọ́gbọ̀n Lórí Ìṣó Kan

Ìṣó kan wà lára ògiri yàrá ìgéwèé ní Ilé Ìtẹ̀wé Afìwéṣọlá, nísàlẹ̀ òkè Mápó, ní ọ̀nà tó já sí Bẹẹrẹ. Sàká ló kàn án mọ́bẹ̀ lọ́dún tó wọṣẹ́. Orí ìṣó yìí ló ń fi ìwé àkókò ààwẹ̀ kọ́ sí, ìwé pélébé tó ń sọ ìgbà tí èèyàn ó jẹ sààrì àti ìgbà tí yóò ṣínu. Bí Rámádánì bá ti ń bọ̀, àwọn mọ́sáláṣí Ọjà'ba, Pópó Yemọja àti Bẹyẹrunká á gbé iṣẹ́ rẹ̀ wá, àwọn ọmọ ibi iṣẹ́ á tẹ̀ ẹ́, Sàká á gé e, á sì fa ẹyọ kan yọ, á fi í há orí ìṣó. Ẹlòmíì ń fi ọjọ́ ìbí ọmọ ka ọdún. Ẹlòmíì ń fi ìgbà tí odò Ògùnpa kún kà á. Ìṣó ni Sàká ń wò.

Zakariyya ni orúkọ tí ààfáà sọ ọ́. Ìbàdàn gé e kúrú sí Sàká, ilé rẹ̀ ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀sì ń pè é ní Bàbá Hikmat, ibi iṣẹ́ sì ń pè é ní Alhaji, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ibi tó jìnnà jù tó dé ní ìlà oòrùn ni Ìwó. Ó ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, débi pé bó bá dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ ìgéwèé, ẹ̀rọ ni àlejò máa ń kọ́kọ́ kí. Ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ dájú. Wọ́n ní bí o bá fún un ní irun orí kan, yóò gé e sí mẹ́rin lóòró, ẹni tó ni irun ò sì ní mọ̀ títí di ọjọ́ tó bá lọ gẹrun. Láti ìgbà tó ti ń gé ìwé, ẹ̀ẹ̀kan péré ni ẹ̀rọ náà gé nǹkan tí kì í ṣe ìwé, èékánná àtàǹpàkò rẹ̀ ọwọ́ òsì sì ni. Ó gé e gún régé.

Ohun tí Sàká ń wá láyé kò pọ̀. Òrùlé ni. Páànù tí bàbá rẹ̀ kàn sórí ilé ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀sì ti pupa bí ata gígún, ihò ara rẹ̀ sì ti pọ̀ ju ara rẹ̀ lọ. Bí òjò bá ṣú lápá Mọ́lẹ̀tẹ̀, Sìdí ìyàwó rẹ̀ á ti máa to abọ́ sílẹ̀. Abọ́ méje ló ní fún iṣẹ́ yìí, ọ̀kọ̀ọ̀kan ló sì mọ àyè tirẹ̀ bí ọmọ iléèwé tó mọ àga rẹ̀. Káfíńtà ti wá wọn ilé náà. Ó ka páànù, ó ka igi, ó ka ìṣó, ó ka owó iṣẹ́, ó sì dá iye rẹ̀ lé mílíọ̀nù méjì àti ẹgbẹ̀rún lọ́nà igba náírà. Ó ní tí wọ́n bá fà á kọjá òjò ọdún yẹn, kí wọ́n má ṣe bá òun wí bí iye náà bá gorí igi.

Òrùlé yìí ló mú kí Sàká jókòó lọ́sàn-án Àìkú kan nínú oṣù Máàṣì ọdún 2024, ọjọ́ tó ṣáájú ààwẹ̀, tó mú bírò àti ẹ̀yìn ìwé ìpolówó, tó ń ṣírò owó àjẹmọ́nú rẹ̀. Kì í ṣe owó penṣọ̀n o, ìyẹn wà lọ́tọ̀. Owó tí ilé iṣẹ́ ń san lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo fún ẹni tó sìn wọ́n títí tó fi ń lọ ni. Gbogbo òṣìṣẹ́ Afìwéṣọlá ló mọ òfin rẹ̀ bí wọ́n ṣe mọ Fàtíhà tàbí Orin Dáfídì: ẹni tó bá lo ọdún mẹ́wàá sí mọ́kàndínlọ́gbọ̀n yóò gba owó oṣù kan lórí ọdún kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá pé ọgbọ̀n ọdún yóò gba owó oṣù kan àbọ̀ lórí ọdún kọ̀ọ̀kan, àtọdún kìíní wá.

"Oṣù kan àbọ̀ lọ́nà ọgbọ̀n," ni Sàká wí, "oṣù márùndínláàádọ́ta nìyẹn. Ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́rùn-ún ni wọ́n ń kọ sórí ìwé owó oṣù mi kí wọ́n tó yọ tiwọn. Wá wò ó, Sìdí. Mílíọ̀nù mẹ́rin àti ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́ta."

Sìdí gbé ọmọ orógùn ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀. "Bàbá Hikmat, ẹ tún un kà."

Ó tún un kà. Mílíọ̀nù mẹ́rin ò kúrò níbẹ̀.

"Ṣé ọgbọ̀n ọdún yẹn pé ṣá?"

"Ọjọ́ tí ààwẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n gbà mí síṣẹ́. Ààwẹ̀ ọ̀la ni yóò ṣe ìkọkànlélọ́gbọ̀n lórí ìṣó. Àti ààwẹ̀ dé ààwẹ̀, ọgbọ̀n ọdún gbáko. Bóyá o fẹ́ bá Rámádánì fúnra rẹ̀ jiyàn ni?"

Sìdí ò bá Rámádánì jiyàn. Ó lọ sọ fún ìyàwó àbúrò ọkọ rẹ̀ pé kí ó má ṣe sọ fún ẹnikẹ́ni, nígbà tí wọ́n fi máa kírun Àsárì, owó náà ti dé Bẹyẹrunká. Nígbà tó fi máa di ìgbà Mọ́gàríbì, ó ti di mílíọ̀nù mẹ́wàá. Ẹbí méjì ti pín tiwọn nínú rẹ̀, ẹnìkan sì ti ń bínú pé ti òun kéré.

Ní ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kìíní ààwẹ̀, Sàká gé ìwé, ó fi tọdún yẹn há orí ìṣó, ó wẹ ọwọ́, ó sì mú lẹ́tà ìfẹ̀yìntì rẹ̀ lọ sí ọ́fíìsì Ìtùnú. Lẹ́tà náà wí pé òun yóò fi iṣẹ́ sílẹ̀ lọ́jọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n oṣù yẹn kan náà. Ìtùnú ló ń ṣe ìwé owó àwọn òṣìṣẹ́. Ọmọ ìjọ Aládùúrà ni, kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún, ó sì ní sùúrù tí èèyàn máa ń ní bí gbogbo ayé bá ń wá bi í lójoojúmọ́ pé kí ló dé tí owó òun fi dínkù.

Ó ka lẹ́tà náà. Ó yí i padà, ó rí ìṣirò tí Sàká tún kọ sẹ́yìn rẹ̀. Ó wo Sàká.

"Bàbá Hikmat, ẹ jọ̀ọ́, níbo ni ẹ ti rí àádọ́rùn-ún yìí?"

"Lára ìwé owó oṣù tí ìwọ fúnra rẹ tẹ̀ fún mi ni. Ṣé o ti gbàgbé ọwọ́ ara rẹ?"

Ìtùnú fa dúróà, ó yọ ìwé owó oṣù Fẹ́búárì jáde, ó sì fi bírò tọ́ka sí i ní ìlà-ìlà. "Ẹgbẹ̀rún méjìléláàádọ́ta, bésíìkì nìyí, owó oṣù yín gan-an. Ogún fún ilé, méjìlá fún ọkọ̀, mẹ́fà fún oúnjẹ. Ẹ rò wọ́n pọ̀, ó di àádọ́rùn-ún. Ṣùgbọ́n bésíìkì tí ẹ gbà kẹ́yìn nìkan ni òfin ní ká lò. Tilé, tọkọ̀ àti toúnjẹ ò sí níbẹ̀."

"Ìgbà tí mo ń ṣiṣẹ́, ṣé bésíìkì nìkan ló ń jẹun ni?"

"Bàbá, èmi kọ́ ni mo kọ ọ́."

Sàká fi ọwọ́ gbá iwájú orí. Ó ń gé nǹkan nínú ọkàn rẹ̀. Ẹgbẹ̀rún méjìléláàádọ́ta lọ́nà márùndínláàádọ́ta. Mílíọ̀nù méjì àti ẹgbẹ̀rún lọ́nà òjìlélọ́ọ̀ọ́dúnrún. Òrùlé yóò jáde níbẹ̀, ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogóje yóò sì ṣẹ́kù. Gbogbo àwọn ẹbí tó ti pín tiwọn kúrò níbẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ó yà á lẹ́nu pé ìyẹn ò fi bẹ́ẹ̀ dùn ún.

"Ó dáa bẹ́ẹ̀," ni ó wí. "Òrùlé ni mo sọ pé mo fẹ́. Mú un wọlé fún ọ̀gá kó buwọ́ lù ú."

Ìtùnú ò dìde. Fáìlì Sàká ló ń wò. "Bàbá, ọ̀rọ̀ ọdún ló kù. Lẹ́tà ìgbanisíṣẹ́ yín sọ pé ọjọ́ kìíní oṣù Fẹ́búárì, ọdún 1995."

"Òun náà ni. Ọjọ́ kìíní ààwẹ̀."

"Láti ìgbà náà di ìparí oṣù yìí, ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n àti oṣù méjì ni."

Sàká rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín àgbàlagbà tó mọ̀ pé ọmọdé fẹ́ ṣàṣìṣe lójú òun ni. "Ìtùnú ọmọ mi, ẹ̀rọ ìṣirò rẹ yìí, ṣé bátìrì rẹ̀ ò ti kú? Dúró dè mí."

Ó lọ sí yàrá ìgéwèé. Ó tú ìwé ààwẹ̀ mọ́kànlélọ́gbọ̀n kúrò lórí ìṣó, ó gbé wọn mọ́yà bí ẹni tó gbé ọmọ lọ gba abẹ́rẹ́. Ishaq, tó máa gba ipò rẹ̀, rí i pé àga Sàká ṣófo, ó sì jókòó sórí rẹ̀ wò bóyá yóò gbà á. Ó gbà á.

Sàká tò wọ́n sórí tábìlì Ìtùnú, àwọ̀ ewé àti funfun, títí tábìlì kò fi gbà wọ́n mọ́ tí wọ́n ń gun orí àga. "Kà á. Mo ní kí o kà á. Mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Èyí àkọ́kọ́ di èyí ìkẹyìn, ọgbọ̀n ọdún."

Ìtùnú kà á. Mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni lóòótọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í wo orí ìwé kọ̀ọ̀kan, nítorí pé lórí olúkúlùkù ni wọ́n tẹ oṣù òyìnbó sí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ oṣù Lárúbáwá, kí àwọn tó ń lọ síbi iṣẹ́ má bàa ṣì í. Ó gbé méjì jáde, ó fi wọ́n sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn.

"Bàbá, ẹ wo ti ọdún 1997 yìí. Ọjọ́ kẹwàá oṣù Jánúárì ló bẹ̀rẹ̀."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ẹ wá wo èyí. Ọdún 1997 náà ni. Ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n oṣù Dìsẹ́ńbà."

Sàká gba ìwé méjèèjì. Ó wò wọ́n, ó gbé wọn síwájú ojú, ó gbé wọn jìnnà sí ojú. Òun fúnra rẹ̀ ló gé wọn. Etí wọn gún régé.

"Ààwẹ̀ méjì nínú ọdún kan," ni Ìtùnú wí. "Bàbá, ọdún Lárúbáwá kéré sí ọdún òyìnbó. Ọjọ́ mẹ́wàá tàbí mọ́kànlá ló fi dín. Ọdọọdún ni ààwẹ̀ ń sún sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀. Lọ́gbọ̀n ọdún, ó sún tó bí oṣù mọ́kànlá. Ọdún òyìnbó sì ni ilé iṣẹ́ yìí ń kà."

Sàká ti mọ èyí láti kékeré. Ta ni kò mọ̀ pé ààwẹ̀ ń bọ́ sí òjò, ó ń bọ́ sí ẹ̀ẹ̀rùn? Ó ti gbààwẹ̀ nínú ọyẹ́ rí, ó ti gbà á nínú òjò. Ṣùgbọ́n kò sí ìgbà kan tó rò pé ọ̀rọ̀ náà kan páànù.

"Mọ́kàndínlọ́gbọ̀n wá ńkọ́?" Ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀.

"Oṣù méjì tó lé yẹn, a ò ní kà á. Mọ́kàndínlọ́gbọ̀n sì jẹ́ oṣù kan lórí ọdún kan, kì í ṣe oṣù kan àbọ̀. Ẹgbẹ̀rún méjìléláàádọ́ta lọ́nà mọ́kàndínlọ́gbọ̀n." Ó tẹ ẹ̀rọ náà, ó sì yí ojú rẹ̀ sí i. Mílíọ̀nù kan, ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta àti mẹ́jọ.

Ilé òrùlé-ìdajì ni ìyẹn máa kọ́. Sàká rí i kedere lójú ọkàn rẹ̀: Sìdí ní apá gbígbẹ, òun ní apá tútù, abọ́ méje láàárín wọn.

"Ká ní mo kúkú dúró di ọdún tó ń bọ̀ ńkọ́?"

Ìtùnú ti ṣí ìwé òfin òṣìṣẹ́. Ó fi ìka tọ́ka sí ìlà kan. "Ẹ ò ní láti dúró tó bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní bí oṣù tó lé bá ti tó mẹ́fà, ká sọ ọ́ di ọdún kan gbáko, lẹ́yìn náà la ó wá wo ipò tó bọ́ sí. Bí ẹ bá ṣiṣẹ́ di ìparí oṣù Júláì, ẹ ti lo ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n àti oṣù mẹ́fà. Ọgbọ̀n ni a ó pè é. Oṣù kan àbọ̀ ni ẹ ó gbà." Ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ṣùgbọ́n bí ọ̀gá bá ti buwọ́ lu lẹ́tà yìí, ó parí."

Ibi tó dé nìyí nígbà tí ilẹ̀kùn ṣí, tí Ọ̀gbẹ́ni Olúsànyà, máníjà, wọlé. Ó dàgbà díẹ̀ ju ọmọ Sàká lọ, ikùn rẹ̀ máa ń ṣáájú rẹ̀ dé ibikíbi bí ìṣẹ́jú méjì. Olóye èèyàn ni nínú ohun tó bá jẹ mọ́ owó tí yóò jáde: bí o bá béèrè owó bátìrì aago lọ́wọ́ rẹ̀, yóò ní kí o máa wo oòrùn.

"Alhaji! Ishaq ní ẹ ti kọ lẹ́tà. Áà, ilé iṣẹ́ máa ṣàárò yín o. Ìtùnú, mú un wá kí n buwọ́ lù ú kíákíá, kí a má dá àgbà dúró." Bírò ti wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ti ṣí ìdérí rẹ̀.

Lẹ́tà náà wà lórí tábìlì, láàárín ìwé ààwẹ̀ ọdún 2003 àti 2004. Ẹgbẹ̀rún lọ́nà ẹgbẹ̀rin ó lé méjìlélọ́gbọ̀n náírà ló wà nínú bírò yẹn. Sàká fi ọwọ́ gbé lẹ́tà náà. Bí kì í bá ṣe pé ó ń gbààwẹ̀, ì bá jẹ ẹ́ lójú ẹsẹ̀, pẹ̀lú ìṣirò ẹ̀yìn rẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́ ọ̀gá," ni ó wí, "etí rẹ̀ ò gún. Ẹ jẹ́ kí n lọ gé e díẹ̀."

"Etí lẹ́tà? Alhaji, kò ṣe nǹkan kan, ẹ fi—"

"Ọ̀gá, èmi Sàká! Kí n fi ìwé wọ́gọwọ̀gọ kúrò ní Afìwéṣọlá? Wọ́n á ní kí ni mo wá ṣe níbí láti ọjọ́ yìí?"

Sàká ti jáde. Ní yàrá ìgéwèé ó sọ fún Ishaq pé kí ó dìde. Ó tẹ́ lẹ́tà náà sábẹ́ ẹ̀rọ, ó tẹ̀ ẹ́, ó yí i, ó tún un tẹ̀. Nígbà tí Olúsànyà fi máa dé ẹnu ọ̀nà, lẹ́tà ìfẹ̀yìntì ti di ọ̀já wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, gbogbo rẹ̀ ní ìbú kan náà.

"Kí lẹ ṣe yẹn?"

"Ó dín díẹ̀, ọ̀gá. N óò kọ òmíì."

"Nígbà wo?"

"Bó bá di oṣù Júláì."

Olúsànyà wo Ìtùnú tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ìtùnú ń wo òrùlé. Òrùlé ilé iṣẹ́ ò jò.

Oṣù mẹ́rin tó tẹ̀lé e le fún Sàká ju ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n lọ. Ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀sì, àwọn tó ti pín owó náà kí í bí ẹni pé ó ṣòfò. "Alhaji, mílíọ̀nù mẹ́wàá yẹn, ṣé wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ tán ni àbí ẹ ṣì ń gé e?" Níbi iṣẹ́, Ishaq, tó ti sọ fún àfẹ́sọ́nà rẹ̀ pé òun ti di ọ̀gá ìgéwèé, ń jókòó sórí páálí. Òjò bẹ̀rẹ̀. Abọ́ méje bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, Sìdí sì fi ìkẹjọ kún un láti inú ohun èlò yàrá àlejò. Sàká ra kalẹ́ńdà òyìnbó kan ní Bẹẹrẹ, ó fi há ẹ̀gbẹ́ ìṣó, ó sì ń fi bírò pupa fa ìlà sórí ọjọ́ kọ̀ọ̀kan.

Ní ọ̀sẹ̀ kìíní oṣù Júláì, lẹ́yìn tí Sàká ti fi lẹ́tà tuntun sílẹ̀ pé òun ń lọ ní ìparí oṣù náà, Olúsànyà kó gbogbo òṣìṣẹ́ jọ sí iwájú ẹ̀rọ ńlá. Ó ní nítorí bí nǹkan ṣe gbówó lórí, ilé iṣẹ́ ti fi ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ kún owó olúkúlùkù. Àtẹ́wọ́ ta. Ishaq fi ìka súfèé. Ẹnìkan ṣoṣo ni ọwọ́ rẹ̀ wà lẹ́yìn.

"Ọ̀gá," ni Sàká wí, "ṣé inú bésíìkì lẹ fi í sí?"

Olúsànyà wú ikọ́. "Owó ọkọ̀ ni, Alhaji. Ṣùgbọ́n owó ṣáà ni owó."

"Ó tì o," ni Sàká wí, ó sì yíjú sí àwọn yòókù, ohùn rẹ̀ bí ti ẹni tó ń kéde ibi tí ọkọ̀ ń lọ. "Bó bá jẹ́ bésíìkì ni, ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ yìí lọ́nà márùndínláàádọ́ta ni yóò jẹ́ fún mi lọ́jọ́ tí mò ń lọ. Òjìdínnírinwó ẹgbẹ̀rún. Tọkọ̀, ọkọ̀ ló máa gbé e lọ."

Àtẹ́wọ́ ò ta mọ́. Ishaq yọ ìka lẹ́nu. Láti ọ̀sán ọjọ́ náà ni àwọn òṣìṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ sí í to ẹnu ọ̀nà Ìtùnú, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ìwé owó oṣù tirẹ̀, wọ́n ń bi í pé ìlà wo ni bésíìkì. Owó ọkọ̀ náà kò kúrò ní owó ọkọ̀. Olúsànyà ní àwọn yóò gbé ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò.

Sàká kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ní ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n oṣù Júláì, lẹ́yìn tó gé ìwé ìpè ìgbéyàwó igba, tó sì gbá ilẹ̀. Ó kó ìwé ààwẹ̀ rẹ̀, ó fi ìṣó sílẹ̀ fún Ishaq. Ìwé ìṣirò tí Ìtùnú fún un kò ju ìlà mẹ́ta lọ: ọdún: ọgbọ̀n; bésíìkì tó gbà kẹ́yìn: ₦52,000; oṣù kan àbọ̀ lórí ọdún kọ̀ọ̀kan: ₦2,340,000. Sàká fi ọwọ́ ṣírò rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì níwájú rẹ̀ kó tó buwọ́ lù ú. Owó náà wọlé ní ìparí oṣù Ọ́gọ́ọ̀sì.

Káfíńtà parí iṣẹ́ ní ọ̀sẹ̀ kejì oṣù Sẹ̀tẹ́ńbà. Òjò ńlá kan ṣú ní ọjọ́ kẹta. Sìdí to abọ́ mẹ́jọ sílẹ̀ nítorí pé ọwọ́ rẹ̀ ti mọ́ ọn, ó jókòó, ó ń wò wọ́n. Páànù ń dún bí ìgbà tí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé mẹ́wàá bá ń ṣiṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Nígbà tí òjò dá, ó fi ọwọ́ kan inú abọ́ kọ̀ọ̀kan. Gbogbo rẹ̀ gbẹ.

"Bàbá Hikmat," ni ó wí, "kí la fẹ́ fi wọ́n ṣe báyìí?"

Sàká ń fi abẹ́ gé etí ìwé ààwẹ̀ ọdún 1997 méjèèjì, kí wọ́n lè wọ inú férémù kan ṣoṣo. "Dá èyí tí o mú ní yàrá àlejò padà," ni ó wí, kò gbójú sókè. "Kà wọ́n dáadáa kí o tó dá a padà."